Màmá ò jẹ iyán, ara wọn ò sì gbóná: ṣé ọ̀fìnkìn lásán nìyí?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (Ọjọ́ Ẹtì, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi ti di ẹni ọdún 78, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. Ọmọ àbúrò mi gbé ọ̀fìnkìn bọ̀ láti ilé ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sín, ó wúkọ́, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ Àìkú ni ti Màmá bẹ̀rẹ̀: ikọ́, orí fífọ́, gbogbo oríkèé ń ro wọ́n. Àbúrò mi lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n po oríṣi òògùn mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá fún un, wọn ò kọ orúkọ kankan sí i. Ní Ọjọ́rú Màmá jókòó síta, wọ́n ní ara ti fúyẹ́. A dúpẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe tún dùbúlẹ̀ lánàá.

Lónìí àbúrò mi gúnyán, ó se ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ àgbà Èkìtì. Wọ́n kàn ń sùn ṣáá ni. Nígbà tí wọ́n jí lọ́sàn-án, wọ́n ń béèrè bóyá Bàbá ti ti oko dé. Bàbá ti kú láti ọdún 11 sẹ́yìn. Àbúrò mi ní ọjọ́ ogbó ló ń fa ìyẹn, àti pé ara wọn ò gbóná rárá, ó tiẹ̀ tutù ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo òògùn rẹ̀ láràárọ̀. Ṣé kí n dúró di Ọjọ́ Ajé tí n óò lè gbàyè níbi iṣẹ́, àbí kí n lọ lálẹ́ yìí?

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́ (5:52)

Ibà ni. Ibà àgbà kì í jọ ti ọmọdé. Ẹ ra òògùn ibà, ẹ fi agbo dógóyárò kún un, kí wọ́n fi bora kí wọ́n làágùn. Ara tí kò gbóná, ewu ò sí níbẹ̀. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n, orí òkè ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni ló máa tutù níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (6:05)

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, mi ò tíì fẹ́ sọ pé nǹkan báyìí ni. Ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín, kó ka iye ìgbà tí Màmá ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Kó má sọ fún wọn pé òun ń ka èémí o, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí mímí rẹ̀ padà. Kó jókòó tì wọ́n, kó gbé ọwọ́ lé ikùn wọn bí ẹni tó ń bá wọn tún aṣọ ṣe. Tó bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Kó gbé aago fóònù síwájú, ìṣẹ́jú kan gbáko. Kó tún wo ètè wọn, kó wo abẹ́ èékánná bóyá ó ń dúdú bọ̀. Kó sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ wo la wà. Ẹ tún bá mi béèrè ìgbà tí wọ́n tọ̀ kẹ́yìn.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ni mo sì pẹ́ sí jù. Ọ̀rọ̀ “ara ò gbóná, ewu ò sí” yẹn ti dá mi lóró gan-an. Ara ọmọdé á gbóná bí iná tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, torí ara tó ń jà ni. Ara àgbà lè má lágbára láti gbóná mọ́, ó sì lè tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ máa rí dípò rẹ̀ ni pé kò jẹun mọ́, ó ń sùn ṣáá, ó ń ṣèrànrán, tàbí kó kàn ṣubú lójú ọ̀nà balùwẹ̀ láìsí ohun tó gbé e ṣubú. Tí ìrànrán bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ọjọ́ ogbó kì í sáré bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tóyìn Ọ̀mùò (6:11)

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ní ìbéèrè. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì ń wúkọ́ látàárọ̀, ṣé èmi náà lè kà á bẹ́ẹ̀? Ní ti Màmá, ṣe ni kí ẹ ká wọn kúrò lórí ilẹ̀ o. Orí sìmẹ́ńtì ni òtútù àyà ti ń wọlé. Ìyá ọkọ mi sùn sórí ẹní lọ́dún kan, ọjọ́ kejì ni àyà dí.

Kẹ́míìsì Ìjerò (6:20)

Òògùn kan wà tó máa ń bá kòkòrò fúlù jà gan-an, tàmífílù ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, ọjọ́ márùn-ún. Àmọ́ láàárín ọjọ́ méjì tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ti wà ní ọjọ́ kẹfà, ó ti bọ́, ẹ má fi owó yín ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn máa lo ámpíkílọ́ọ̀sì, kí ẹ fi dikilofẹ́náàkì pa ìrora oríkèé.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (6:24)

Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi ní ìgbà 16 ló kà. Ṣé ìyẹn dáa? Ó ní wọ́n ò tíì tọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni òní.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (6:26)

Ẹ bi í bóyá ìṣẹ́jú kan ló pé. Àwọn èèyàn máa ń dúró ní ìdajì.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (6:33)

Ha. Ìṣẹ́jú kan ni mo rò pé ó máa sọ, ìdajì ìṣẹ́jú ló fi kà á! Mo ní kó tún un kà, kó sì gbé fóònù síbẹ̀ kí èmi náà máa wò ó. Ìgbà 33. Mo rí i lórí fídíò náà, ihò imú wọn ń ṣí ń pa, ọrùn wọn ń fà. N kò kíyè sí i nígbà tí mo pè lọ́sàn-án torí ojú wọn nìkan ni mò ń wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (6:36)

Ẹ má dúró di Ọjọ́ Ajé. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọ̀la. Àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà mí ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú. Tó bá ti kọjá 24, ọkàn mi kì í balẹ̀. Tó bá ti pé 30, tí ìrànrán sì wà níbẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n pé “ṣé ọ́síjìn wà lálẹ́ yìí, ṣé dókítà wà níbẹ̀”, kí ẹ má baà dé ibi tí wọ́n á ti ní kí ẹ máa lọ síbòmíràn.

Ẹ jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀, kí ẹ̀yìn wọn gòkè. Ẹ má dá wọn dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ má rọ ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń tòògbé, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Ọ̀rá òògùn tí wọ́n fún wọn ní kẹ́míìsì, ẹ gbé e dání, àti páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Kẹ́míìsì Ìjerò, màá padà sọ́dọ̀ yín.

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́ (6:40)

Ìgbà 33 kẹ̀? Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ka tèmi, 17 ni. Ẹ máa lọ o. Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ibà wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (7:15)

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó kù lóhùn bí Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ṣe wà lójú ọ̀nà.

Bàbá Ìbejì, ibẹ̀ yẹn lẹ ti jàre. Kí wọ́n gún un ní ìka, kí wọ́n yẹ ibà wò, kì í ju ìṣẹ́jú ogún lọ kí èsì tó jáde. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká fi òògùn ibà lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ohun tí a ò yẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ló máa ń pa àwọn àgbà.

Ìyá Tóyìn, ọmọdé ní iye tirẹ̀, òun ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Fún ọlọ́dún méjì, tó bá tó 40 lójú oorun tàbí nígbà tó dákẹ́, ẹ gbé e lọ. Ẹ ṣí ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ má dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ti sìmẹ́ńtì, orúkọ tí a fún àìsàn yìí ló ń tàn wá jẹ. “Òtútù àyà” la pè é, la wá ń wá òtútù kiri. Kòkòrò ló máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí omi àti ọyún á fi kún àwọn ihò kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń mí kíákíá: ibi tí ó kù tí atẹ́gùn lè gbà kò tó nǹkan. Ìyá ọkọ yín tó sùn sórí ẹní, ó ṣeé ṣe kó ti kó o kó tó dùbúlẹ̀.

Ẹ wo bí ti Màmá ṣe lọ. Ọjọ́ Àìkú ó bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú ó fúyẹ́, Ọjọ́bọ̀ ó tún dé. Fúlù ló kọ́kọ́ wá, ó sì ha inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara. Kòkòrò mìíràn tó ti ń gbé imú àti ọ̀nà ọ̀fun wa jẹ́ẹ́ wá rí ojú ọgbẹ́, ó bá wọlé. Ara á ti kọ́kọ́ fúyẹ́, tí àwọn ará ilé á ti máa dúpẹ́, kó tó yí padà. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ ló máa mọ̀ pé yíyí yẹn kì í ṣe ọ̀fìnkìn tó pẹ́, ohun tuntun ni.

Kẹ́míìsì Ìjerò (7:31)

Mo ń retí yín ma.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (7:48)

Òótọ́ ni pé tàmífílù dáa jù láàárín wákàtí 48. Ṣùgbọ́n àgbà tí fúlù ti gbé dé orí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ṣì lè fún un lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Iye tí wọ́n máa fún un, wọ́n máa wo kíndìnrín rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ohun tó le ni ibi tí a ti máa rí i rà láàárín ọjọ́ méjì yẹn ní Èkìtì, ẹ̀yin náà mọ̀.

Dikilofẹ́náàkì ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Màmá ẹni ọdún 78, tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò jẹ tí kò mu, tí kò tọ̀ láti àárọ̀! Ẹ fẹ́ fi ìyẹn bá kíndìnrín rẹ̀ fínra? Parasitámọ̀ ni kí ẹ fún irú wọn. Ẹ sì ṣọ́ra, torí àwọn òògùn ọ̀fìnkìn inú ọ̀rá yẹn sábà ní parasitámọ̀ nínú tẹ́lẹ̀, ẹ lè fún wọn ní ìlọ́po méjì láìmọ̀. Àwọn mìíràn ní ohun tó ń ṣí imú, ó sì ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ámpíkílọ́ọ̀sì kò lè pa fúlù. Nígbà tó bá sì ti di òtútù àyà tó le, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé mì nílé ni wọ́n máa fi wò ó.

Kẹ́míìsì Ìjerò (7:55)

Lórí dikilo, mo gbà. Lórí ọ̀rá, ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru àwa kẹ́míìsì ma. Ẹni tó wá pẹ̀lú 500 náírà, tó ní “ẹ po nǹkan fún mi”, tí mo bá ní kó lọ sílé ìwòsàn, kẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń kọ orúkọ òògùn sára ọ̀rá báyìí ṣá.

Tíṣà Ọ̀tùn (8:20)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni mo fẹ́ sọ. Bàbá mi, ẹni ọdún 81, wúkọ́ lọ́dún tó kọjá. A pe nọ́ọ̀sì àdúgbò wá sílé, ó ní kò sí omi lára wọn, ó fa omi sí wọn. Báàgì mẹ́ta láàárín alẹ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọn ò lè dùbúlẹ̀ mọ́, wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè tu omi tó tó yẹn, ó sì ti rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀ ni wọ́n fi gbà wọ́n là. Mi ò sọ pé omi kò dáa. Mò ń sọ pé ilé kọ́ ni wọ́n ti ń fà á fún àgbà, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wọn ìtọ̀.

Owó tí a rò pé a dín kù nígbà tí a kò lọ ní ọjọ́ kejì, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ la ná ní ọjọ́ keje.

Àbíkẹ́yìn Àràmọ̀kọ (8:41)

Kí ló dé tí ẹ ò ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi bọ ìka? Mo ní ọ̀kan nílé látìgbà kòrónà. Tó bá ti gbé 94 wá, ẹ sùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (8:50)

Ẹ rà á, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí 94 sùn. Ọwọ́ tó tutù, èékánná tí wọ́n le lààlì tàbí tí wọ́n kùn, kì í jẹ́ kó ríran dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn sì tún máa ń fi hàn pé atẹ́gùn pọ̀ ju bó ṣe wà gan-an lọ fún aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Tó bá gbé 93 wá, ó lè jẹ́ pé 90 ni. Mo fẹ́ràn kíka èémí jù, torí kì í gba bátìrì.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:15 ìdájí)

A ti dé ilé ìwòsàn kan ní Adó. Aago mẹ́wàá kọjá kí àbúrò mi tó rí mọ́tò. Wọ́n ní kí wọ́n gba orí òpópó Àràmọ̀kọ wá, mo sì pàdé wọn ní Ìyìn. Ẹ̀rọ ìka gbé 85 wá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ni 88 lórí 54, Màmá tí a ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru! Ibà: wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ara: 36.4, ara wọn ò tiẹ̀ gbóná rárá títí dìsinyìí. Wọ́n ya fọ́tò àyà wọn, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ funfun bí ẹni da ẹfun sí i. Ọ́síjìn ti wà ní imú wọn, abẹ́rẹ́ méjì ti wọlé sí iṣan. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ fún wọn ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ yìí. Àbúrò mi ń bá a jiyàn pé wọn ò tíì fò ó rí láti ọdún 2014.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (5:02 ìdájí)

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò pé dókítà ló jàre. Kòkòrò yẹn ló fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òògùn yẹn á tún fà á sí i. Wọ́n á dá a padà tí ó bá gòkè. Ẹ máa bi wọ́n léèrè iye ìtọ̀ tí wọ́n rí, ẹ ò ní dá wọn lẹ́jọ́, ẹ kàn béèrè.

Ìyá Tóyìn Ọ̀mùò (7:30 àárọ̀)

Ẹ kú oríire o. Mo ka ti Tóyìn, 28 ni. Mo ti sùn.

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́ (8:10)

Mo gbà pé mo ṣìnà lórí ara tí kò gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: wọ́n ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà fún èyí. Ọmọ mi tó wà lókè òkun gbà á lọ́dọọdún. Ṣé àwa náà lè gbà á, àbí òyìnbó nìkan ló ń mú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (8:34)

Méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ti fúlù jẹ́ ọdọọdún torí kòkòrò náà máa ń pààrọ̀ aṣọ, tí ti èṣí kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Ti èyí tó ń fa òtútù àyà kì í ṣe ọdọọdún. Àwọn ọmọ wa ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí, ẹ lọ wo káàdì wọn. Ti àgbà ni kò sí nínú ti ọ̀fẹ́, owó la fi ń gbà á níbi tó bá wà. Kì í dí gbogbo rẹ̀ o. Ẹni tó gbà á ṣì lè wúkọ́, àmọ́ kì í sábà gbé e dé ibi ọ́síjìn.

Kẹ́míìsì Ìjerò (9:05)

Ẹni ogún èèyàn ti bi mí léèrè nípa ti fúlù láti ọdún tó kọjá, ẹyọ kan kò padà wá nígbà tí mo sọ iye rẹ̀. Ká sì tún ronú ìgò tí iná kò sí fún. Firíìjì mi ń tan wákàtí márùn-ún lójúmọ́, mi ò lè kó o sílé.

Tíṣà Ọ̀tùn (9:20)

Mo rò pé kí a kúkú má jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé sún mọ́ àwọn àgbà tí wọ́n bá ń sín.

Àbíkẹ́yìn Àràmọ̀kọ (9:26)

Tíṣà, ẹ̀yin náà wò ó. Ta ni yóò bá Màmá gbé omi, ta ni yóò bá wọn wá gíláàsì ojú? Ọmọ yẹn ló ń sùn ní yàrá wọn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àdúrà. Wọ́n yọ ọ́síjìn lánàá, 94 ni wọ́n ń rí láìlo ohunkóhun. Mo kà á fúnra mi ní ọ̀sán yìí, ìṣẹ́jú kan gbáko: 21. Wọ́n mọ̀ pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, wọ́n sì bá mi jà pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò lè rìn dé balùwẹ̀ láìdì mọ́ mi. Wọ́n ní iyán ilé ìwòsàn kò dán, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń béèrè pé nígbà wo ni ọmọ náà lè wá sùn ní yàrá àwọn. Ó ṣì ń wúkọ́ díẹ̀. Mi ò mọ ohun tí n óò sọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (8:14)

Agbára wọn lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó padà, ẹ má kánjú wọn. Tí wọ́n bá ní àyà ń dùn àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má pè é ní ikọ́, ẹ gbé wọn padà, torí ọkàn náà ń rí ìyà fúlù. Ní ti ọmọ, ikọ́ rẹ̀ lè pẹ́ ju ìgbà tó ń ràn lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn ní pálọ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé yàrá yẹn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Adó (8:19)

Fèrèsé, nínú ọyẹ́ Ẹ̀fọ̀n? Màmá á lé mi jáde.